Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ẹnjiníà détà: ọ̀ràn détà tó pẹ́ dé

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ẹnjiníà détà ni ìdánwò ẹnu tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń yan ẹni tí yóò máa kọ́ páìpù détà fún wọn. Páìpù détà ni ètò tó ń gbé àkọsílẹ̀ láti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, bíi fóònù tàbí ẹ̀rọ POS, lọ sí ibi tí àwọn oníṣirò àti ọ̀gá iṣẹ́ ti ń kà á. Nínú ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi olùdíje, ọ̀kan wà tó ń fi òye rẹ̀ hàn ju ìyókù lọ: kí ni o máa ṣe sí àkọsílẹ̀ tó dé lẹ́yìn tí o ti ka èsì ọjọ́ rẹ̀ jáde? Ìdáhùn sí i ló ń pinnu bí páìpù náà yóò ṣe rí, òun náà ló sì ń tọ́ka sí bóyá iṣẹ́ náà yẹ kó jẹ́ bááṣì, ìyẹn ká kó o jọ ká ṣe é lẹ́ẹ̀kan, tàbí ìṣàn, ká máa ṣe é bó ṣe ń wọlé.

Bí ìbéèrè náà ṣe máa ń wá

Ó sábà máa ń wá bí ìtàn kékeré. Èyí tó bá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí mu, láàárín àwọn Okun, ni ti kaṣú, nítorí pé láti nǹkan bí oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni àwọn àgbẹ̀ Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà ń ṣa kóró rẹ̀ tí àwọn oníṣòwò sì ń rà á. Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ní olùrà mẹ́rin. Ọ̀kan jókòó sí Kàbà, ọ̀kan sí Ìsánlú, ọ̀kan sí Mọ̀pà, ẹ̀kẹrin sì ń gun ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé ní Bùnú. Bí àgbẹ̀ bá gbé àpò wá, olùrà á gbé e lé òṣùwọ̀n, á sì tẹ iye kílò sínú fóònù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, àkọsílẹ̀ náà á lọ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí, á dúró nínú fóònù títí olùrà yóò fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ọ̀gá fẹ́ mọ iye kílò tí wọ́n rà lánàá, ó sì fẹ́ rí i ní aago 6 àárọ̀.

Olùdíje tó bá kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀rọ, pé Kafka tàbí Spark lòun máa lò, ti fo ìbéèrè náà. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó ń lo iye náà, ohun tó fi ń ṣe, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iye náà bá yí padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Àkókò ìwọ̀n àti àkókò ìdé

Gbogbo àkọsílẹ̀ ló ní àkókò méjì. Àkókò ìwọ̀n ni ìgbà tí àpò wà lórí òṣùwọ̀n, fóònù ló sì ń kọ ọ́. Àkókò ìdé ni ìgbà tí àkọsílẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, kọ̀ǹpútà náà ló sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Páìpù tó bá tọ́jú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì kò lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, àwọn olùrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn 20,000 kílò lápapọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 13 mọ́, 18,400 ló ti dé. Olùrà Bùnú wọ Kàbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13, fóònù rẹ̀ sì tú 1,150 sílẹ̀. 450 tó kù wà nínú fóònù rẹ̀ kejì tí bátìrì rẹ̀ ti kú, kò sì dé títí di ọjọ́ 16. Ní aago 6 àárọ̀ àkọ́kọ́, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀gá rí, bẹ́ẹ̀ páìpù náà kò ṣe àṣìṣe kankan.

Àṣìṣe á wọlé bí wọ́n bá fi àkókò ìdé pín ọjọ́. Ká ní 1,000 náírà ni kílò kan ní ọjọ́ 12, ó sì di 1,100 láti ọjọ́ 13 lọ. Kílò 1,600 tó pẹ́ dé yóò gba iye owó tuntun, ìṣirò ilé-iṣẹ́ yóò sì fi 160,000 náírà ju ohun tí olùrà san fún àgbẹ̀ lọ. Iye kílò gbogbo oṣù ṣì máa pé, ìdí nìyẹn tí irú àṣìṣe yìí fi lè wà lábẹ́lẹ̀ pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Páìpù tó ṣeé tún ṣe

Ìdáhùn tó dára máa ń ní àtẹ méjì. Èkíní ni àtẹ àkọsílẹ̀ tútù, `iwon_kasu`, tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ àpò kan, tí a kì í sì í yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀. Èkejì ni àtẹ ojúmọ́, `ojumo_kasu`, tó ní àpapọ̀ ibùdó kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan. Èkejì yìí ṣeé pa rẹ́ nígbàkígbà, nítorí pé láti inú èkíní la ti ń ṣírò rẹ̀.

Iṣẹ́ òru kò gbọdọ̀ kàn fi ìlà tuntun kún àtẹ ojúmọ́. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀, 18,400 lè di 36,800. Ohun tó yẹ ni kó pa ọjọ́ náà rẹ́ kó sì kọ ọ́ tuntun, kí ìgbésẹ̀ méjèèjì sì wà nínú ìdì kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kùnà, méjèèjì ni kò ní ṣẹlẹ̀:

```sql
BEGIN;
DELETE FROM ojumo_kasu WHERE ojo = DATE '2024-03-12';
INSERT INTO ojumo_kasu (ojo, ibudo, kilo)
SELECT ojo, ibudo, SUM(kilo)
FROM iwon_kasu
WHERE ojo = DATE '2024-03-12'
GROUP BY ojo, ibudo;
COMMIT;
```

Bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, èsì kan náà ni. Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣírò gbọ́dọ̀ wọlé láti ìta, bí ètò Airflow ṣe ń fi ọjọ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Olùdíje tó bá kọ `CURRENT_DATE`, ìyẹn ọjọ́ òní, síbẹ̀ ti sọ páìpù rẹ̀ di ohun tí kò lè padà sẹ́yìn.

Àpò kọ̀ọ̀kan tún gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, fóònù ló sì gbọ́dọ̀ fún un ní nọ́ńbà yìí nígbà tí àpò wà lórí òṣùwọ̀n gan-an. Ìdí ni pé àkọsílẹ̀ lè dé kọ̀ǹpútà láìséwu, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí ìdáhùn tó padà sí fóònù. Fóònù yóò rò pé kò lọ, yóò sì tún un rán. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń fún un ní nọ́ńbà, àpò kan ti di méjì nìyẹn. Bí nọ́ńbà bá ti wá láti fóònù, àtẹ tútù kò ní gba èkejì wọlé.

Báwo ni iṣẹ́ òru ṣe máa mọ ọjọ́ tó yẹ kó tún ṣírò? Ọ̀nà tó rọrùn ni kó máa tún ọjọ́ méje tó kọjá ṣe lálaalẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó pẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ yóò bọ́ sílẹ̀ láìsí ariwo. Ọ̀nà tó dájú jù ni kó wo àkókò ìdé, kó mú gbogbo ìlà tó wọlé láti ìgbà tí iṣẹ́ tó parí gbẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀, kó sì tún àwọn ọjọ́ ìwọ̀n tó bá bá pàdé níbẹ̀ ṣírò. Lálẹ́ ọjọ́ 16, ọjọ́ 12 nìkan ni àkọsílẹ̀ 450 kílò yẹn yóò jí dìde, yàtọ̀ sí ọjọ́ 16 fúnra rẹ̀.

Ibì kan wà tí àtúnṣe yìí gbọ́dọ̀ dúró. Bí àwọn oníṣirò bá ti pa ìwé oṣù kan dé, a kì í tún kọ lé e. Àkọsílẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn á wọ ìwé oṣù tuntun gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe, pẹ̀lú ọjọ́ ìwọ̀n rẹ̀ lára.

Bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé nǹkan kò pé

Iye 0 àti iye tí kò tíì dé kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n àtẹ tí wọn kò ronú lé lórí máa ń fi méjèèjì hàn bákan náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ 13 yẹ kó sọ pé ibùdó mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ti ránṣẹ́, pé Bùnú ṣì kù, kó sì kọ aago tí ìṣirò náà ṣẹlẹ̀. Fún èyí, kí fóònù kọ̀ọ̀kan máa fi iye àkọsílẹ̀ tó kọ lójúmọ́ ránṣẹ́ nígbà tó bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí kọ̀ǹpútà lè fi wé ohun tó gbà. Mo ka ìgbésẹ̀ kékeré yìí sí ohun tó níye lórí ju ẹ̀rọ olówó ńlá èyíkéyìí lọ.

Aago fóònù náà ń tanni. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú lè jí pẹ̀lú ọdún 1970, ẹlòmíràn lè wà ní ọdún tó ń bọ̀. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ a máa ń yà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò ni, a kì í jù ú nù, nítorí pé kaṣú náà wà nínú ilé ìkẹ́rù lóòótọ́.

Bááṣì tàbí ìṣàn

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùdíje ti ń ṣubú, nítorí wọ́n gbà pé ìṣàn ló ń wo détà tó pẹ́ sàn. Bí fóònù Bùnú kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí di ọjọ́ 16, ọjọ́ 16 náà ni ìṣàn yóò rí i.

Ìṣàn tilẹ̀ mú kí ìpinnu náà le sí i. Ó ń tọ́jú ìṣirò tí kò tíì parí sínú ìrántí, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò ti ilẹ̀kùn ọjọ́ kan. Ààlà tó ń lò fún èyí ni `watermark`, tí ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ Google tẹ̀ jáde ní 2015 lórí ètò Dataflow ṣàlàyé dáadáa. Nínú Spark, báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́:

```python
df.withWatermark("akoko_won", "2 days")
```

Spark yóò mú àkókò ìwọ̀n tó jìnnà jù lọ síwájú nínú ohun tó ti rí, yóò yọ ọjọ́ méjì kúrò, ibẹ̀ sì ni ààlà. Ó ṣèlérí pé òun kò ní ju ohun tó pẹ́ kéré sí ọjọ́ méjì nù. Kò ṣèlérí pé òun máa ka èyí tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà 450 kílò tó dé lọ́jọ́ 16 lè sọnù. Bí wọ́n bá sì ní kó kọ èsì kìkì nígbà tó bá pé, iye ọjọ́ 12 kò ní jáde àfi ìgbà tí ààlà bá kọjá òpin ọjọ́ náà, ìyẹn ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ó kéré tán. Ọ̀gá tó fẹ́ ìròyìn ní aago 6 àárọ̀ ti pàdánù nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé fóònù kan ṣoṣo tí aago rẹ̀ wà ní ọdún tó ń bọ̀ yóò ti ààlà síwájú fún gbogbo ènìyàn, àkọsílẹ̀ àwọn tí aago wọn tọ̀nà yóò sì wá di apẹ́dé. Àyẹ̀wò aago gbọ́dọ̀ ṣáájú ààlà.

Fún kaṣú, bááṣì tó ń ṣiṣẹ́ ní aago 5 àárọ̀ tó. Bí ọ̀gá bá fẹ́ mọ̀ lọ́sàn-án bóyá ẹrù ti tó láti pe ọkọ̀ akẹ́rù, kí iṣẹ́ kan náà máa wáyé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ìdí láti ní ẹ̀rọ tó ń jí ní gbogbo wákàtí àti ènìyàn tó ń ṣọ́ ọ lóru.

Ọ̀ràn POS yàtọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dá káàdì jíjí dúró kí owó tó jáde ní Lọ́kọ́jà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pẹ́ jù, ìṣàn nìkan ló lè ṣe é. Níbẹ̀ sì ni aago àgbáyé ti ń dẹkùn míì: aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú UTC, nítorí náà páìpù tó bá fi UTC pín ọjọ́ yóò ka owó tí wọ́n gbà ní 12:30 òru mọ́ ọjọ́ tó kọjá. Àwọn tó ń wọn kaṣú kì í ṣe é ní òru, ìyẹn ni wọn kò fi ní kíyè sí i. OníPOS ẹ̀bá ọ̀nà yóò rí i lọ́jọ́ kìíní tí ìṣirò rẹ̀ kò bá ti ilé-iṣẹ́ mu.