Ìmúrẹ́sì kì í ṣe owó oṣù ọ́fíìsì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akọ̀wé níbí l'Ádó-Èkìtì, ó sì ń bí mi nínú: "₦40,000 ni ìmúrẹ́sì wa, torí náà kí akápò gbé ₦40,000 mìíràn wá bí oṣù bá ti parí." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìmúrẹ́sì, tí òyìnbó ń pè ní imprest, ni iye owó kan pàtó tí akápò ń fi sọ́wọ́ akọ̀wé fún àwọn ìnáwó kéékèèké ọ́fíìsì. Iye tí ẹ ná, tí ìwé rẹ̀ sì wà, ni akápò máa dá padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí bébà. Akápò kó ₦40,000 fún akọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Akọ̀wé ra epo jẹnẹrétọ̀ ₦15,000, ó ra bébà ₦9,500, ó san ₦3,900 fún fọ́tòkọ́pì, ó sì fún òjíṣẹ́ ní ₦3,000 owó ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ àti àbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦31,400. Ó ku ₦8,600 nínú àpótí. ₦31,400 ni kó béèrè, kí àpótí lè padà sí ₦40,000. Bí akápò bá fún un ní ₦40,000 gbáko, ₦48,600 ló máa wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún ná ₦31,400 lóṣù kejì, tí wọ́n sì tún gba ₦40,000, ó di ₦57,200.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti fẹ́ gbà nìyí. Wọ́n á ní owó ọ́fíìsì náà ṣáà ni, kí ló burú nínú kó pọ̀ sí i? Ohun tó burú ni pé ọ̀nà tí a fi ń yẹ àpótí wò ti bàjẹ́. Ọjọ́ yòówù kí ọ̀gá dé láìsọ tẹ́lẹ̀, owó tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú àpapọ̀ rìsíìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦40,000. Bí iye yẹn kò bá dúró sójú kan, kò sí ẹni tó lè fi ìṣirò yẹn mọ̀ bóyá nǹkan sọnù.

Ká ní ẹnìkan nínú ọ́fíìsì yá ₦5,000 nínú ₦8,600 yẹn, tó ní òun á dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì. Owó tó kù jẹ́ ₦3,600, rìsíìtì ₦31,400; àpapọ̀ jẹ́ ₦35,000. Ìwé tó fọwọ́ sí ń fi hàn ibi tí ₦5,000 tó kù wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìnáwó. Akọ̀wé tó bá kà á mọ́ ìnáwó, tó béèrè ₦36,400, máa bá ₦45,000 nínú àpótí nígbà tí onígbèsè bá san án. ₦5,000 tó lé yẹn kò ní rìsíìtì, irú owó bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ pòórá.

Ó ṣeé ṣe kí ìgbàgbọ́ yìí ti inú ọ́fíìsì ìjọba wá, níbi tí wọ́n ti ń pa ìwé ìmúrẹ́sì dé ní òpin Oṣù Kejìlá, tí wọ́n á dá owó tó ṣẹ́kù padà, kí wọ́n tó gba òmíràn lọ́dún tuntun. Nítorí náà, n kò ní sọ pé kò sí ìgbà tí ẹ lè gba iye náà lódindi. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ rí i dájú pé àpótí ti ṣófo.