Bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, àti Bí A Ṣe Ń Gba Àṣẹ Láti Yí Ìlò Ilé Padà

A lè sọ pé ẹ̀fọn ló kọ́kọ́ ṣe òfin ìlò ilẹ̀, ìyẹn òfin tó ń sọ ohun tí a lè fi ilẹ̀ tàbí ilé ṣe níbì kọ̀ọ̀kan, fún àwọn ará Èkó. Lọ́dún 1897 ni Ronald Ross, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, kò sì pẹ́ tí àwọn dókítà ìjọba amúnisìn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ara ọmọ adúláwọ̀ ni ẹ̀fọn ti ń gbé ibà wá bá òyìnbó, nítorí náà kí òyìnbó máa dá gbé. William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, tó sì jẹ́ dókítà fúnra rẹ̀, kò gba ìmọ̀ràn yìí. Ohun tó fara mọ́ ni kí gbogbo ènìyàn máa lo kuníìnì, kí wọ́n sì fa omi inú ẹrẹ̀ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi wà lára odò àgbẹ́lẹ̀ tó pààlà sí àárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Ṣùgbọ́n MacGregor lọ, èrò àwọn yòókù ló sì borí.

Lugard ló sọ èrò yẹn di ìlànà. Òfin ìlú-ńlá ti ọdún 1917 pín àwọn ìlú Nàìjíríà sí ipò mẹ́ta, Èkó nìkan ló sì wà ní ipò kìíní. Nínú ìlànà Lugard, ó kéré tán, yáàdì 440, ìyẹn nǹkan bíi mítà 400, gbọ́dọ̀ wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti ọmọ ìlú, láìsí ilé tí ẹnikẹ́ni ń sùn sí nínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀fọn kò ní lè fò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, iná kò sì ní lè ti orí ilé eléwé ràn mọ́ ti òyìnbó. Báyìí ni Ìkòyí ṣe di àdúgbò àwọn òyìnbó, tí àwọn adúláwọ̀ tó ń sùn níbẹ̀ fi jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn. Bí mo ṣe rí i, kì í ṣe ariwo ọlọ tàbí èéfín ilé iṣẹ́ ni òfin yìí kọ́kọ́ dènà l'Ékòó, ènìyàn ni.

Àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1924 ló mú apá kejì wá. Lọ́dún 1928, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti tún Èkó kọ́, wọ́n sì fún un lágbára láti wó àwọn àdúgbò tó há jù. Nígbà tó di ọdún 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, ó sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni òfin ètò ìlú ti ọdún 1946 ti dé fún gbogbo Nàìjíríà, tí wọ́n gé láti ara òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1932. Òfin yìí ló jẹ́ kí aláṣẹ ètò ìlú lè sọ pé ibí yìí fún ibùgbé, ibẹ̀ yẹn fún òwò.

Ní ọdún 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol l'Ékòó kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin náà. Ariwo tó tẹ̀lé e mú kí ìjọba fi òpin sí ìyàsọ́tọ̀ lórí àwọ̀. Àdúgbò òyìnbó wá di èyí tí a ń pè ní Jíáréè títí dòní: àwọ̀ kúrò nínú òfin, ṣùgbọ́n ilé ńlá, àgbàlá fífẹ̀ àti ìlànà pé ibùgbé nìkan ni kó wà níbẹ̀ kò kúrò.

Kò pẹ́ tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlànà náà. Ibùgbé ni wọ́n kọ́kọ́ ya Erékùṣù Fikitóríà sọ́tọ̀ fún, kó tó di pé àwọn báńkì ń kúrò ní Marina àti Broad Street tó ti há, tí wọ́n ń ya ilé tí ìdílé ń gbé, tí wọ́n sì ń fi gíláàsì sí ojú rẹ̀. Ìjọba kò ṣáájú wọn. Ẹ̀yìn wọn ló ń tẹ̀ lé, tó ń tún máàpù ṣe láti bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ mu. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nìyí: wọ́n rí i pé aládùúgbò sọ ilé di ṣọ́ọ̀bù láìgbàṣẹ tí nǹkan kan kò ṣe é, wọ́n sì rò pé àwọn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá ni àṣẹ? Òfin ọdún 1978 tí wọ́n ń pè ní Land Use Act fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, ó sì jẹ́ kó lè gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó bá rú ohun tí ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ rẹ̀ sọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ àti Èkó ń bá ara wọn fà á lórí ètò ìlú, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ lọ́dún 2003 pé ti ìpínlẹ̀ ni. Lórí èyí ni Èkó gbé òfin ètò ìlú ti ọdún 2010 kà, tó ka yíyí ìlò ilé padà sí iṣẹ́ tó nílò ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà kò fi búlọ́ọ̀kù kan kún ilé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan ní Sùúrùlérè tí bàbá wọn fi ilé yàrá mẹ́rin sílẹ̀ fún, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di jẹ́lé-ó-sinmi. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbé páláànì ilé tí ìjọba fọwọ́ sí láyé bàbá wọn jáde, kí wọ́n ní àwọn ti gbàṣẹ tẹ́lẹ̀. Àṣẹ láti kọ́ ilé ibùgbé nìyẹn, kò bo ilé ìwé mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀, ọ́fíìsì ètò ìlú tó wà ní agbègbè wọn ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n béèrè ohun tí ètò ìjọba sọ nípa òpópónà wọn. Bó bá jẹ́ òpópónà tí ìjọba ti gbà kí òwò àti ibùgbé jọ wà, ọ̀nà ti là díẹ̀. Bó bá jẹ́ ibùgbé pátápátá, ìbéèrè náà le.

Lẹ́yìn náà ni wọn á kó ìwé jọ: ìwé ilẹ̀, sọ́fè, ìwé owó orí, lẹ́tà tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́, àwòrán ilé bó ṣe wà àti bí yóò ṣe rí, àti ìròyìn tí onímọ̀ ètò ìlú tó forúkọ sílẹ̀ kọ nípa àdúgbò. Olùyẹ̀wò á wá wo ilé. Kì í ṣe yàrá ló máa ń gbà á lákòókò jù, bí kò ṣe ìta. Ó máa béèrè ibi tí àwọn òbí yóò dúró sí bí mọ́tò ogún bá dé lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, torí bí wọ́n bá dúró sójú títì, gbogbo òpópónà ló di gọ́ọ́. Á wo ọ̀nà tí ọmọ lè gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́, á sì wo kòtò ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí pé èyí tí wọ́n gbẹ́ fún ènìyàn mẹ́fà yóò kún kíá bí ọgọ́ta ọmọ bá ń lò ó. Ibi tí ìbéèrè ti máa ń kùnà nìyí, àtúnṣe rẹ̀ kò sì wọ́n bí a bá tètè ṣe é: ká ti ògiri iwájú sẹ́yìn fún mọ́tò, ká gbẹ́ kòtò tó tóbi.

Bí ìjọba bá gbà, wọn á ka iye owó fún wọn, kí wọ́n san án sínú àpò ìjọba, kí wọ́n gba rìsíìtì, kí ìwé àṣẹ tó jáde, bóyá pẹ̀lú májẹ̀mú. Bí wọ́n bá kọ̀, ìdí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn sì lè lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀hónú lábẹ́ òfin 2010. Ẹni tó bá ṣí ilé ìwé kí ìwé tó jáde ni yóò rí i tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí ògiri rẹ̀, tí wọ́n sì ti ẹnu ọ̀nà pa.

Ìwé àṣẹ yìí nìkan kò tó o. Bí ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ bá ṣì ń sọ pé ibùgbé nìkan ni wọ́n fi ilẹ̀ náà fúnni fún, ìdílé náà ṣì ní láti lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ kí wọ́n tún gbólóhùn yẹn ṣe. Ọ̀pọ̀ ni kì í rántí, àfìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ilé náà yáwó, tí agbẹjọ́rò báńkì bá ṣí ìwé náà, tó sì béèrè pé ilé ìwé wo ló wà lórí ilẹ̀ tí a kọ ibùgbé sí.