Ohùn Ẹni Tó Ń Sọ̀rọ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Gbé Kalẹ̀, Kẹ́ Ẹ Tó Mú Ìlù Wọlé

Ọ̀pọ̀ fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣe ní Kétu kì í jẹ́ kí òǹwòran fi rímóòtù sílẹ̀. Bí àgbà bá ń ṣàlàyé, wọ́n á yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Bí ìlù bá wá bọ́ sí i, gbogbo ilé á mì, wọ́n á sáré yí i wálẹ̀. Ẹni tó ṣe fídíò náà kì í sábà gbọ́ àìdọ́gba yìí, torí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà náà títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Ọ̀rọ̀ tí òǹwòran kò gbọ́ rárá, òun ń gbọ́ ọ ketekete.

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Fídíò rẹ̀ gùn tó ìṣẹ́jú 5: àgbà kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 3, ìlù àti ijó gba ìṣẹ́jú 2 yòókù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, −14 ni mìítà tó ń wọn ohùn kà, iye tí YouTube sì ń lò náà nìyẹn. Kí ló tún kù?”

Òótọ́ ló sọ. −14 LUFS ni mìítà náà kà. LUFS ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún tó létí ènìyàn. Bí nọ́ńbà bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni ohùn ṣe ń le tó, nítorí náà −11 le ju −20 lọ, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ désíbẹ̀lì 9. Mo ní kó ya iṣẹ́ náà sí méjì, kó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ka −20. Ìlù ka −11.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Mìítà kì í kàn ro nọ́ńbà pọ̀ kó pín in. Agbára ohùn fúnra rẹ̀ ló ń pín káàkiri gbogbo àkókò fídíò. Agbára tó wà nínú −11 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 8 èyí tó wà nínú −20, nítorí náà ìṣẹ́jú 2 ìlù ló ń fa àpapọ̀ sókè, tí ìṣẹ́jú 3 ọ̀rọ̀ kò sì lè fà á padà. Òótọ́ ni pé mìítà máa ń yọ ibi tó bá dákẹ́ jù kúrò nínú ìṣirò, ìyẹn ibi tó bá fi désíbẹ̀lì 10 lọ sísàlẹ̀ àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà yìí kò lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó wà nínú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni −14, nọ́ńbà tí kò bá ọ̀rọ̀ mu, tí kò sì bá ìlù mu. Òǹwòran kò gbọ́ −14 níbì kankan. Ohun tó gbọ́ ni désíbẹ̀lì 9 tó fò lójijì, désíbẹ̀lì 10 sì ni etí ènìyàn sábà máa ń kà sí ìlọ́po méjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ìbáṣepọ̀ ọ̀rọ̀, ìlù àti ariwo inú àwòrán láàárín ara wọn. Ìkejì ni gbígbé gbogbo rẹ̀ dé iye tí wọ́n ń fẹ́. Iṣẹ́ kejì kò lè tún àkọ́kọ́ ṣe, torí bẹ́ ẹ bá gbé gbogbo rẹ̀ sókè tàbí wálẹ̀ pọ̀, désíbẹ̀lì 9 náà á ṣì wà níbẹ̀.

A pa ìlù pátápátá, a sì bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀. A kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbé àwọn gbólóhùn tó rẹlẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú Yorùbá, ìparí gbólóhùn ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí jù, pàápàá tó bá parí sórí ohùn ìsàlẹ̀, torí èémí ti ń tán níbẹ̀, ohùn á sì rì. Tí sílébù ìkẹyìn yẹn bá sọnù, ọ̀rọ̀ lè di ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà la tó fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sí i, ní ìwọ̀n 3 sí 1, kó máa tẹ àwọn ibi tó le jù wálẹ̀ ní nǹkan bíi désíbẹ̀lì 3 péré. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí i fi ẹ̀rọ yìí ṣe ohun tí ọwọ́ yẹ kó ṣe. Èémí àgbà náà àti ariwo ọ̀kadà zẹ́míjàn tó ń kọjá lẹ́yìn á gòkè pẹ̀lú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ dé −16. Ìgbà yẹn la tó ṣí ìlù padà, a sì fi í sí −12. Àpapọ̀ rẹ̀ tún jẹ́ −14, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ti di 4 dípò 9. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dọ́gba. Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí kò bá ga ju ọ̀rọ̀ rárá ti pàdánù ara rẹ̀. Désíbẹ̀lì 4 ni mo gbà pé òǹwòran lè fara dà láìwá rímóòtù.

Ìlù tó bá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ nílò ọwọ́ mìíràn. Mo máa ń fi í sí désíbẹ̀lì 15 sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ìyẹn −31 níbí. Kó máa wálẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí àgbà tó ya ẹnu, kó má tún sáré gòkè padà láàárín gbólóhùn méjì. Orin Ẹ̀fẹ̀ kò yẹ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rárá, torí Yorùbá ni orin, Yorùbá ni àlàyé, ọkàn òǹwòran á sì pín. Bó bá di dandan, ẹ lo ibi tí kò sí ẹni tó ń kọrin. Ní ti irin tó ń dún lẹ́sẹ̀ oníjó, ìró rẹ̀ tínrín ó sì mú, ó ń bá kọ́ńsónáǹtì ọ̀rọ̀ jà ní nǹkan bíi 3 kHz. Ẹ yọ désíbẹ̀lì 3 kúrò níbẹ̀ lára irin náà, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀.

Kí fídíò tó jáde, ẹ fi ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò àti ohùn, wọ̀n ọ́n báyìí:

```
ffmpeg -i gelede.mp4 -af ebur128=peak=true -f null -
```

Ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ `Summary`, `I:` ni àpapọ̀, `Peak:` ni ṣóńṣó ibi tó ga jù. Ẹ má jẹ́ kí ṣóńṣó náà kọjá −1, torí nígbà tí wọ́n bá fún fáìlì pọ̀ sí kékeré lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó lè gòkè díẹ̀ sí i, ohùn á sì máa há. Láti wọn ìṣẹ́jú 3 ọ̀rọ̀ nìkan, ẹ fi `-ss 0 -t 180` síwájú `-i`.

YouTube máa ń rẹ fídíò tó bá le ju −14 lọ wálẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbé èyí tó rẹlẹ̀ sókè. Fún tẹlifíṣọ̀n, −23 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò lábẹ́ ìlànà EBU R 128, tí ẹgbẹ́ wọn kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2010. Ẹ béèrè iye tí ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fún ní iṣẹ́ ń gbà. Bó bá jẹ́ −23, ẹ kàn fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ ní désíbẹ̀lì 9. Ìbáṣepọ̀ tẹ́ ẹ ti ṣe kò ní yí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí fóònù, láìlo ohun ìgbọ́hùn etí, ẹ fún ẹni tí kò gbọ́ iṣẹ́ náà rí. Kó yí ohùn síbi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, kó gbé fóònù kalẹ̀, kó sì kọ àkókò gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bí àkókò náà bá wà láàárín ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò tíì dọ́gba. Bó bá wà níbi tí ìlù ti wọlé, ẹ jẹ́ kó gba ìṣẹ́jú-àáyá 2 kó tó dé ibi gíga rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ronú láti dín in kù.