Pankéèkì mi tẹ́ pẹlẹbẹ, ó tún yi bíi rọ́bà: ìbéèrè yín rèé, ìdáhùn rèé

Fídíò kan ní ká fi kókó sílẹ̀ nínú àpòpọ̀ pankéèkì, òmíràn ní ká pò ó títí á fi jọ̀lọ̀. Ta ló ń parọ́ nínú wọn?

Kò sẹ́ni tó ń parọ́, oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ní ká pò ó títí á fi jọ̀lọ̀, pankéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń ká bí ẹní ló ń dín, àpòpọ̀ ìyẹn máa ń ṣàn, wọn kì í sábà fi bẹ́kìn páúdà sí i, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé kó wú. Ẹni tó ní ká fi kókó sílẹ̀, èyí tó nípọn, tó rọ̀ fúlẹ́fúlẹ́ ló ń sọ ní tiẹ̀. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú èròjà èyí tó nípọn, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pò ó. Èyí tó nípọn yẹn ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí o, torí òun lẹ ń sunkún lé lórí.

Kí ló wá ń jẹ́ kó yi?

Ọwọ́ yín ni, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀. Oríṣi púrótéènì méjì kan wà nínú fúláwà, bí wọ́n ṣe wà ní gbígbẹ yẹn, wọn ò bá ara wọn ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí omi tàbí mílíìkì bá ti kàn wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra, wọ́n á di nǹkan tó ń fà tí wọ́n ń pè ní gúlútẹ̀nì, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń rò ó tó ni okùn yẹn á ṣe máa gùn tó, táá máa le tó. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ń wá nǹkan yìí lójú méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi ń fi gbogbo agbára po ìyẹ̀fun ẹ̀. Pankéèkì ò fẹ́ ẹ rárá. Ìwọ̀nba gúlútẹ̀nì díẹ̀ tó máa gbá afẹ́fẹ́ mú kó má baà sá lọ ló ń fẹ́, tó bá ti kọjá ìyẹn, rọ́bà lẹ máa jẹ.

Mo dán an wò fúnra mi kí n má baà máa sọ ohun tí mo gbọ́. Mo po gbígbẹ lọ́tọ̀: fúláwà ife 2, bẹ́kìn páúdà ṣíbí tíì 4, ṣúgà ṣíbí ìjẹun 2, iyọ̀ díẹ̀. Mo po olómi lọ́tọ̀: mílíìkì ife 1 àbọ̀, ẹyin 2, bọ́tà yíyọ́ ṣíbí ìjẹun 4. Mo wá pín méjèèjì sínú abọ́ méjì dọ́gbadọ́gba. Abọ́ àkọ́kọ́, mo da olómi sí gbígbẹ, mo fi ṣíbí rò ó lẹ́ẹ̀méjìlá péré, mo ń fa ìdí abọ́ wá sókè, bí mi ò ṣe rí fúláwà gbígbẹ mọ́, mo dáwọ́ dúró. Kókó wà nínú ẹ̀ dáadáa, ojú ẹ̀ ò sì dùn ún wò. Abọ́ kejì, mo lù ú fún ìṣẹ́jú 3 gbáko títí ó fi ń dán. Ó rẹwà gan-an, ẹ bá rí i.

Páànù kan náà, iná kan náà. Ti àkọ́kọ́ wú sókè, tẹ́ ẹ bá ya á, ó rí bíi tìmùtìmù nínú. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ò tó ìdajì ẹ̀, inú ẹ̀ dì, mo fi ọwọ́ ya á, ó kọ́kọ́ fà kó tó já. Lílù yẹn ti fún un ní okùn, ó sì tún ti lé afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé e wú jáde kó tó débi iná, ìyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kókó yẹn ò ní kù sínú ẹ̀ bí?

Èyí tí ò ju èso ẹ̀wà lọ á rin fúnra ẹ̀, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ fọ́.

Mo ní bulẹ́ńdà, ṣé mo lè lò ó?

Ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti gbé e.

Mi ò rò ó jù o, mo dẹ̀ fi bẹ́kìn páúdà sí i, síbẹ̀ ó tẹ́ bíi pákó. Kí ló dé?

Ó ṣeé ṣe kí bẹ́kìn páúdà yẹn ti kú. Àwọn nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: bẹ́kìn sódà, ásíìdì gbígbẹ, àti sítáàṣì tó ń bá wọn fa ọ̀rinrin kí wọ́n má baà bá ara wọn jà kó tó yá. Tí omi bá kàn wọ́n nínú abọ́ yín, ìjà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìjà yẹn ló ń mú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé pankéèkì sókè. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé agolo ẹ̀ ti wà ní ṣíṣí fún oṣù mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tó ń hó, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti jẹ́ kí wọ́n ja ìjà yẹn tán nínú agolo, páúdà lásán lẹ ń bù sí oúnjẹ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ bu ààbọ̀ ṣíbí tíì sínú omi gbígbóná díẹ̀. Tó bá hó ṣòòò lójú ẹsẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá kàn ń ta húhó kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí oorun ń kùn, ẹ dà á nù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ara agolo nìkan.

Àmọ́ o, ẹ má sọ pé torí ó ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ ó wá fi ìlọ́po méjì sí i. Ṣíbí tíì kan sí méjì ti tó fún ife fúláwà kan. Tó bá pọ̀ jù, pankéèkì á yára wú, á tún yára wọlẹ̀, torí húhó inú ẹ̀ á tóbi débi tí wọ́n á bẹ́ kí ara oúnjẹ tó gan, á sì tún korò lẹ́nu.

Ṣé mo lè fi bẹ́kìn sódà rọ́pò ẹ̀?

Bó ṣe wà lásán kọ́. Sódà ò ní ásíìdì tiẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá a fún un, bíi yógọ́ọ̀tì tàbí mílíìkì tẹ́ ẹ fún omi lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí fínígà ṣíbí ìjẹun kan sí nínú ife kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 kó ṣe bí ẹni dì díẹ̀. Agbára sódà tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti bẹ́kìn páúdà, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì ló tó ife fúláwà kan. Tí ò bá sí ásíìdì tàbí tẹ́ ẹ bá bù ú jù, pankéèkì á máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu, á sì pupa ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn kan ní kó sinmi kó tó débi iná, àwọn kan ní kíá ni. Èwo ni ká ṣe?

Ìṣẹ́jú 5 sí 10. Láàárín ìgbà yẹn fúláwà á mumi tán, kókó á rọ̀, okùn gúlútẹ̀nì tó ti ń le á dẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e kalẹ̀, ẹ má tún rò ó mọ́ o, ẹ kàn máa fi ṣíbí bù ú láti ẹ̀gbẹ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pò ó lálẹ́ kẹ́ ẹ dín in láàárọ̀, ẹ po gbígbẹ lọ́tọ̀, ẹ po olómi lọ́tọ̀ sí fíríìjì, kí wọ́n tó pàdé láàárọ̀.

Iná mi ńkọ́? Mo máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an kó má baà jó.

Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kó yi, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò sì mọ̀. Tí páànù ò bá gbóná tó, àpòpọ̀ á tàn kálẹ̀ kó tó gan, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á ti jáde díẹ̀díẹ̀, pankéèkì á wá pẹ́ lórí iná títí á fi gbẹ. Iná àárín ni kẹ́ ẹ tàn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí páànù gbóná fún bíi ìṣẹ́jú 3 kẹ́ ẹ tó da nǹkan kan sí i, kẹ́ ẹ wá ta ẹ̀kán omi kan sí i. Tí omi yẹn bá jókòó tó ń hó jẹ́jẹ́, kò tíì yá. Tó bá ń jó kiri kó tó gbẹ, ó ti tó.

Ìgbà kan ṣoṣo lẹ máa yí i padà, ìyẹn nígbà tí húhó ojú ẹ̀ bá bẹ́ tí ihò ẹ̀ ò pa dé mọ́, tí etí ẹ̀ ò sì dán mọ́. Tẹ́ ẹ bá yí i tán, ẹ má fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ wa ní títẹ̀ yẹn, gbogbo afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ṣọ́ láti àárọ̀ lẹ ń fún jáde.

Mo ti rò ó jù kí n tó ka èyí. Ṣé kí n dà á nù ni?

Rárá. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, okùn yẹn á dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní lọ tán, kò sì ní wú tó bó ṣe yẹ. Èyí tó dáa jù lójú mi ni kẹ́ ẹ da mílíìkì sí i títí táá fi ń ṣàn, kẹ́ ẹ dín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ ká a. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn.

Ṣé ewu wà nínú kí n tọ́ àpòpọ̀ wò ní tútù?

Ó wà. Kì í ṣe ẹyin nìkan o, fúláwà fúnra ẹ̀, oúnjẹ tútù ni, wọn kì í sè é kí wọ́n tó dì í sápò, kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú ẹ̀.

Fúláwà mi ti pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé òun ló ń jẹ́ kó tẹ́, àbí kí n máa bẹ̀rù nǹkan míì?

Kì í ṣe òun ló ń jẹ́ kó tẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀, pàápàá níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀. Àwọn kòkòrò bíńtín kan tójú lásán ò lè rí máa ń pọ̀ sí i nínú àpò fúláwà tí wọ́n ti ṣí, ẹni tí ara ẹ̀ ò bá gbà wọ́n, irú ẹni tí eruku ilé ti máa ń jẹ́ kó sín tàbí kí èémí ẹ̀ há tẹ́lẹ̀, lè jẹ pankéèkì tán kí ètè tàbí ojú ẹ̀ wú, kí ara máa yún un, kó má lè mí dáadáa. Àwọn dókítà tiẹ̀ ń pè é ní àrùn pankéèkì. Iná ò pa ohun tó ń fà á, nítorí náà kẹ́ ẹ dín in jinná ò ran nǹkan kan. Kì í wọ́pọ̀ o, ẹ má tìtorí ẹ̀ sá fún pankéèkì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i lára ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wò ó. Fúláwà tẹ́ ẹ bá ti ṣí, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí tó le dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì.