Góòlù Láti Dùbáì Dé Ìjẹ̀bú-Òde: Ibi Tí Owó Ibodè àti Owó Orí Ti Ń Pàdé Rẹ̀

Bí Iléyá bá ti ku nǹkan bí oṣù méjì, ọ̀rọ̀ góòlù á ti gbòde ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì sí régbérégbé obìnrin tó fẹ́ kí ti ẹlòmíì tàn ju tiwọn lọ. Aṣọ ti wà nílẹ̀, iyùn ti wà nílẹ̀, góòlù ló kù. Ẹnì kan tó mọ ọ̀nà Dùbáì bí ẹní mọ ọ̀nà Òkè-Àje á wọ bààlúù lọ, á sì kó ọjà bọ̀.

Ká fi irú Àlàájà bẹ́ẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ra sẹ́ẹ̀tì méje, mẹ́fà fún títà, ọ̀kan fún ọrùn ara rẹ̀. Gbogbo wọn ló rí bákan náà: káràátì 22, gíráàmù 20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, lójú òfin, mẹ́fà yẹn àti ọ̀kan yẹn kì í ṣe ohun kan náà rárá, ìyàtọ̀ yìí ló sì máa ń da ọ̀rọ̀ rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ní ọjà góòlù Déírà, ohun méjì ló máa ń para pọ̀ di iye owó. Àkọ́kọ́ ni iye góòlù fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ṣírò gẹ́gẹ́ bí ọjà bá ṣe lọ lọ́jọ́ náà. Ìkejì ni owó iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, èyí tí a lè ná. Ìjọba ibẹ̀ á wá gbé owó orí ọjà, ìyẹn fáátì, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé àpapọ̀ méjèèjì. Láti oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n ti ń gbà á. Bí sẹ́ẹ̀tì kan bá jẹ́ dírámù 10,000, dírámù 10,500 ni Àlàájà máa san.

Àlejò tí kò gbé ibẹ̀ lè gba púpọ̀ nínú 500 yẹn padà lórí ohun tó rà fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ rìsíìtì ló gbọ́dọ̀ ti yọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ síta, kí ṣọ́ọ̀bù náà sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ètò náà. Ní pápákọ̀ òfurufú, ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé kó tó kó ẹrù fún wọn, nítorí wọ́n lè ní kó yọ góòlù náà kí àwọn rí i. Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún fáátì náà ni wọ́n ń dá padà, wọ́n á sì yọ dírámù 4.80 fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Nínú 500 Àlàájà, 420 àti ogún fílíìsì ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣòwò máa ń gbàgbé. Ẹni tó bá gbé owó, góòlù tàbí òkúta iyebíye tí iye rẹ̀ ju dírámù 60,000 lọ gbọ́dọ̀ sọ fún Kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀, ì báà jẹ́ wíwọlé, ì báà jẹ́ jíjáde. Sẹ́ẹ̀tì méje Àlàájà tó 70,000. Wọn kì í gba owó orí fún sísọ ọ́. Àìsọ ọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ó wá di Ìkẹjà. Òfin Nàìjíríà fàyè gba ẹrù ara ẹni tí arìnrìn-àjò ń lò, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti jẹ́ ohun títà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù tún ti sọ pé ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 300 lọ kò ní san owó ibodè, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí góòlù ṣe wọ́n báyìí, òrùka kan ṣoṣo lè jẹ 300 yẹn tán.

Sẹ́ẹ̀tì ọrùn Àlàájà lè kọjá gẹ́gẹ́ bí ẹrù ara ẹni. Àwọn mẹ́fà tó kù, tó wà nínú páálí tuntun, pẹ̀lú àmì iye owó lára wọn àti irú kan náà léraléra, ọjà ni wọ́n. Òṣìṣẹ́ ibodè kò nílò kí ẹnikẹ́ni jẹ́wọ́ fún un. Iye wọn àti bí wọ́n ṣe dì wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà pupa, ìyẹn ti àwọn tó ní ẹrù tí wọ́n máa sọ fún Kọ́sítọ́ọ̀mù, ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gbà jáde, kì í ṣe ọ̀nà àwọ̀ ewé ti àwọn tí kò ní.

Ohun ọ̀ṣọ́ góòlù wà lára ọjà tí owó ibodè rẹ̀ jẹ́ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ ń lò. Lórí ₦1,000,000, ìyẹn jẹ́ ₦200,000. Owó àjọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ ₦5,000. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ₦1,205,000, orí èyí ni wọ́n á ti wá gba fáátì tiwa, ìdá méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún: ₦90,375. Ìyẹn ni pé owó ń gorí owó, fáátì kò dúró lórí iye ọjà nìkan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦295,375 lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, láì tíì ka àwọn owó àbójútó tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Bí sẹ́ẹ̀tì mẹ́fà bá tó mílíọ̀nù 23 náírà, owó tó máa san á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méje.

Nígbà tí owó bá pọ̀ tó báyìí, ọgbọ́n àwọn kan ni kí oníṣọ́ọ̀bù kọ iye kékeré sórí rìsíìtì. Ọgbọ́n yẹn lè ṣiṣẹ́ lórí léèsì, nítorí ta ló mọ iye tí léèsì tọ́ gan-an? Kò lè ṣiṣẹ́ lórí góòlù. Wọ́n á wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sára ìdè ẹ̀gbà náà: 750 fún káràátì 18, 875 fún káràátì 21, 916 fún káràátì 22. Ohun tí 916 ń sọ ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ìpín, 916 jẹ́ wúrà gidi. Wọ́n á gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré, gíráàmù 20 nígbà 0.916, gíráàmù 18 lé díẹ̀ ni wúrà inú rẹ̀. Iye gíráàmù kan lọ́jọ́ náà wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Ìṣírò ìṣẹ́jú méjì ni, rìsíìtì irọ́ ti tú.

Bí Àlàájà bá ta mẹ́fà yẹn fún ẹgbẹ́, èrè ọjà lásán ni èrè tó jẹ. Inú owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ló máa wà, bíi ti ẹni tó ń ta ìrẹsì. Kò kan owó orí èrè orí dúkìá. Dúkìá ni ohun tí èèyàn rà sílé fún ara rẹ̀, tó wá tà nígbà tó yá. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ dúkìá ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká wo ọ̀kan nínú wọn, tíṣà kan ní Odògbólú tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ra sẹ́ẹ̀tì gíráàmù 40 ní ọdún 2019 ní ₦700,000. Nígbà náà, dọ́là kan kò tó ₦400. Ní 2026, ó tà á ní ₦6,500,000. Bí ó bá ka góòlù náà ní gíráàmù, kò pọ̀ sí i. Góòlù wọ́n sí i lágbàáyé, náírà sì já, àwọn méjèèjì ló para pọ̀ di ₦5,800,000 tí òfin ń pè ní èrè.

Lábẹ́ òfin àtijọ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí èrè dúkìá, tíṣà ì bá san ₦580,000. Òfin yẹn fàyè sílẹ̀ fún ẹrù ara ẹni tí wọ́n tà ní ₦1,000 tàbí kó dín, iye tí kò ra okùn ẹ̀gbà mọ́ láti ayé àwọn ìyá wa. Òfin Owó Orí Nàìjíríà ti ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ti gbé ààlà náà dé ₦5,000,000. Bí ó bá jẹ́ pé ₦4,800,000 ni tíṣà ta sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò ní san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ₦6,500,000 ló tà á, ó ti kọjá ààlà. Òfin tuntun sì ti mú ìdá mẹ́wàá kúrò: wọ́n á ka èrè náà mọ́ owó tó wọlé fún èèyàn lọ́dún náà, á sì gun àtẹ̀gùn owó orí bíi owó oṣù. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà kò ní owó orí, nítorí náà, èrè yìí nìkan ló wà lórí àtẹ̀gùn. ₦800,000 àkọ́kọ́, òfo. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦330,000. ₦2,800,000 tó kù, ìdá 18, ₦504,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦834,000, àjọ tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Ògùn ló sì ni ín, nítorí pé ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ń gba tirẹ̀.

Ká ní tíṣà kò tà á, tó kàn gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀n láti fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ ńkọ́? Ibodè tún ti yọjú. Ohun tí arìnrìn-àjò gbé wọ Bìrìtìkó láti ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ ju pọ́ùn 390 lọ kó tó ní láti sọ ọ́. Bí ohun kan ṣoṣo bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo iye rẹ̀ ni wọ́n ń gba owó lé, kì í ṣe èyí tó lé lórí 390, fáátì tiwọn nìkan sì jẹ́ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó wọ̀ lọ tó sì máa wọ̀ bọ̀ yàtọ̀ síyẹn, torí ẹrù àlejò ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló rò pé ohun tó bá ti wà lọ́rùn kò lówó ibodè mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ, ì báà wà lọ́rùn, ì báà wà nínú báàgì, ẹ̀bùn tó wọlé ni. Bí wọn kò bá sọ ọ́, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e.

Nínú gbogbo ìṣírò yìí, ₦700,000 tí tíṣà fi rà á ló ń dín owó orí kù, ẹni tó bá sì san owó ibodè lórí tirẹ̀ lè rò ó mọ́ owó tó fi rà á. Rìsíìtì ló ń jẹ́rìí sí i. Pépà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń tẹ rìsíìtì, ooru ló ń kọ ọ́, kì í ṣe yíńkì. Bí èèyàn bá ká a sínú páálí góòlù nínú wọ́dúróòbù gbígbóná, kó tó di ọdún kẹta, ó ti lè funfun báláú. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n bá ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, tí wọ́n sì fi ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn, kì í parẹ́ bẹ́ẹ̀.