Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti gbà wọlé: ẹ má pa àṣìṣe inú rẹ̀ rẹ́

Ọ̀pọ̀ akọ̀wé gbà pé bí àṣìṣe bá hàn nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé àtijọ́, kí àwọn pa ibẹ̀ rẹ́, tàbí kí àwọn tún ojú ìwé náà tẹ̀, kí alága sì tún fọwọ́ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ìpàdé tó gba àkọsílẹ̀ wọlé, inú rẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti ṣàtúnṣe. Bí wọ́n bá ti gbà á wọlé, ohun tó wà níbẹ̀ á dúró bó ṣe wà; inú àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti fọwọ́ sí àtúnṣe ni àtúnṣe náà ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ìpàdé fẹnu kò láti ra àga 15, akọ̀wé sì kọ 50 sí ojú ìwé 31. Wọ́n kà á ní oṣù Kẹrin, wọ́n gbà á wọlé, kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Oṣù Kẹfà ni akápò fi rísíìtì wé e, tó rí i pé wọn ò bára mu.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan á dá àbá, ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn, wọn á sì dìbò. Iye ìbò tó yẹ wà lọ́wọ́ òfin ẹgbẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta, àfi bí wọ́n bá ti kéde àtúnṣe náà ṣáájú. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé á kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ oṣù Kẹfà, ní ojú ìwé 38, báyìí:

“Àtúnṣe sí àkọsílẹ̀ ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ojú ìwé 31, nọ́ńbà 6. Níbi tó ti sọ pé ‘kí a ra àga 50’, kí a kà á sí ‘kí a ra àga 15’. A dìbò, ìpàdé sì gbà á.”

Ẹni tó bá kọ “a tún àkọsílẹ̀ oṣù Kẹta ṣe” nìkan kò tíì ṣe nǹkan kan, torí kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí wọ́n tún ṣe. Ní etí ojú ìwé 31, kí akọ̀wé kọ “wo ojú ìwé 38”, kó fi déètì àti ìbuwọ́lù rẹ̀ sí i, pẹ̀lú bírò, kì í ṣe pẹ́ńsù. Kó má fa ìlà sórí 50 náà.

Ìdí ni pé ẹ̀dà tí wọ́n pín ní oṣù Kẹrin ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Bí ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé bá wá sọ 15, ìwé méjì tó ní déètì kan náà á máa ta ko ara wọn, ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá sì ti fi 50 ṣiṣẹ́ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà á dà bí ẹni tó hùwà tinú ara rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó kà ló tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé 50 ni ìpàdé fẹnu kò sí lóòótọ́, tí wọ́n wá rí i pé ó ti pọ̀ jù, kò sí àṣìṣe nínú àkọsílẹ̀. Àbá tuntun láti yí ìpinnu padà ni kí wọ́n mú wá.