Owó padà, ṣùgbọ́n ṣé èrè wà níbẹ̀? Àlàyé lórí àkókò ìpadàbọ̀ owó

Ẹni tó bá fẹ́ ná owó ńlá sórí iṣẹ́ kan máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, ọdún mélòó ni ojú owó mi máa fi padà? Iye ọdún yẹn ni àkókò ìpadàbọ̀ owó. Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá. A ó máa ro owó tó ń wọlé lọ́dọọdún pọ̀ títí yóò fi tó iye tó jáde. Bí 1,000 bá jáde, tí 250 sì ń wọlé lọ́dọọdún, ọdún 4 ni.

Nítorí pé ó rọrùn báyìí, àwọn iléeṣẹ́ ńlá gan-an ń lò ó. Nínú ìwádìí tí John Graham àti Campbell Harvey gbé jáde ní ọdún 2001, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá àgbà ètò ìṣúná ní 392 iléeṣẹ́. Nǹkan bí ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sọ pé àwọn ń lo àkókò ìpadàbọ̀ owó nígbà gbogbo tàbí lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, bí ìṣirò yìí bá ń ṣi ni lọ́nà, ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn tí kò kàwé nìkan.

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀, kí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 1,000 ní owó yòówù tí a bá ń ná. Ẹ̀rọ kìíní máa mú 500 wọlé ní ọdún àkọ́kọ́, 400 ní ọdún kejì, 300 ní ọdún kẹta, lẹ́yìn náà ó parí iṣẹ́. Ẹ̀rọ kejì máa ń mú 250 wọlé lọ́dọọdún fún ọdún 8. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ rà á ti fi gbèdéke lélẹ̀: iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò bá padà láàárín ọdún 3, wọn kò ní ṣe é.

Owó ẹ̀rọ kìíní padà ní ọdún 2 àti oṣù 4. Ti ẹ̀rọ kejì gba ọdún 4 gbáko. Bí gbèdéke bá ti wí, ẹ̀rọ kìíní ni wọ́n máa rà. Àmọ́ 1,200 péré ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kìíní máa mú wọlé títí láé, 2,000 sì ni ti ẹ̀rọ kejì. Ìṣirò náà kò rí ìyàtọ̀ yìí nítorí pé ibi tí ojú owó ti pé ló ti dá kíkà dúró.

Àléébù kan tún wà tí àwọn ènìyàn tètè máa ń rí: 100 tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kò tó 100 tó wà lọ́wọ́ lónìí. Bí owó wa bá lè jẹ èrè ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún níbòmíì, 100 ti ọdún tó ń bọ̀ kò ju nǹkan bí 91 lọ lónìí, ti ọdún kejì sì jẹ́ nǹkan bí 83. Èyí ló bí àtúnṣe ìṣirò náà. A ó kọ́kọ́ dín owó ọdún kọ̀ọ̀kan kù sí iye rẹ̀ lónìí, ká tó wá máa rò ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èyí ti wo àìsàn náà sàn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wá wò ó.

Owó ẹ̀rọ kìíní di 455, 331 àti 225. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,011. Ojú owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé nígbà tí ọdún kẹta fẹ́ parí, ó sì ṣì bọ́ sínú gbèdéke. Owó ẹ̀rọ kejì bẹ̀rẹ̀ láti 227, ó ń dín kù lọ́dọọdún títí dé 117 ní ọdún kẹjọ. Lópin ọdún karùn-ún, ó tó 948, kò sì pé 1,000 àfi ní nǹkan bí oṣù 4 sí 5 wọnú ọdún kẹfà. Ẹ rí i pé àtúnṣe yìí tún ti ẹ̀rọ kejì jìnnà sí gbèdéke ni: ó sún ti ẹ̀rọ kìíní síwájú pẹ̀lú oṣù bíi 7, ó sì sún ti ẹ̀rọ kejì pẹ̀lú ọdún kan àti oṣù bíi 4. Síbẹ̀, bí a bá ka gbogbo ọdún pé, tí a sì yọ 1,000 kúrò, èrè ẹ̀rọ kìíní ní iye òní jẹ́ 11, ti ẹ̀rọ kejì jẹ́ 334. Èyí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ fi ọgbọ̀n ìlọ́po ju èyí tí wọ́n mú lọ.

Gbèdéke yẹn gan-an ni ìṣòro. Kò sí ohunkóhun nínú ìṣirò tó sọ pé ọdún 3 ló yẹ, ẹnì kan ló kàn yàn án. Ọ̀gá tó mọ̀ pé wọ́n máa gbé òun kúrò láìpẹ́ lè fẹ́ kó kúrú, kí àṣeyọrí lè hàn lójú òun.

Ó tún lè tan ni jẹ lódìkejì, kó ní ká ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ. Ẹ wo ibi ìwakùsà kan. 1,000 jáde, 600 wọlé ní ọdún àkọ́kọ́, 600 ní ọdún kejì, 300 ní ọdún kẹta. Ní ọdún kẹrin, òfin sọ pé kí wọ́n dí kòtò náà, kí wọ́n sì tún ilẹ̀ ṣe, 600 ni ìyẹn máa ná wọn. Pẹ̀lú èlé ìdá 10 yẹn náà, owó yìí padà kí ọdún kejì tó pé. Gbèdéke ọdún 3 yẹn kò ní lé e dànù. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á dópin, àdánù 143 ló wà níbẹ̀ ní iye òní. Kódà láìka èlé rárá, 1,000 jáde, 900 ló padà. Níbikíbi tí ìnáwó ńlá bá wà ní ìparí, bíi pípa ibùdó iná átọ́míìkì dé tàbí títú ibi ìwapo lórí òkun palẹ̀, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wá ni àmì ìyọkúrò tó bá jáde lẹ́yìn ọjọ́ tí owó ti padà.

Àwọn tó ń gbèjà gbèdéke máa ń sọ pé ọ̀nà jìn, ta ló mọ ohun tí ọdún kẹjọ máa gbé wá? Ìbẹ̀rù tó yẹ ni. Ẹni tí owó há lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ní gbèsè láti san láìpẹ́, ní láti mọ ìgbà tí owó rẹ̀ máa tú sílẹ̀, àkókò ìpadàbọ̀ sì dára fún ìyẹn. Àmọ́ gbèdéke kò díwọ̀n iyèméjì náà. Ńṣe ló ka gbogbo owó tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sí òfo pátápátá. Ẹ padà sí ẹ̀rọ kejì: ọdún kẹfà sí ìkẹjọ rẹ̀ jẹ́ 386 ní iye òní. Bí ọkàn wa ò bá balẹ̀, ẹ jẹ́ ká gé e sí méjì, ká mú 193 péré. Èrè rẹ̀ ṣì máa jẹ́ 141. Kó tó lè dọ́gba pẹ̀lú 11 ti ẹ̀rọ kìíní, owó ọdún mẹ́ta yẹn ní láti já sí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a retí. Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn tó jókòó sípàdé jiyàn lé lórí nìyẹn: ṣé ẹ̀rù tí ọdún wọ̀nyẹn ń bà wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?